"Ìfàsẹ́yìn oṣù" kẹ̀? Ibo ni ẹ̀yìn wà níbẹ̀?

Ọmọ Lafẹ́nwá: Ẹ̀yin àgbà, mò ń ṣe ìwé kékeré fáwọn ọmọ ilé kéwú wa. Mo pe bí ààwẹ̀ ṣe ń kúrò níbi tó wà lọ́dọọdún ní "ìfàsẹ́yìn oṣù". Ṣó dáa bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ìtòkú: Kò dáa o! Ohun tó bá fà sẹ́yìn ti pẹ́ nìyẹn, ààwẹ̀ ò sì pẹ́ rí, ńṣe ló ń yá. Oṣù méjìlá tá a fi òṣùpá kà, ọjọ́ 354 ni, nígbà míì 355, oòrùn ní tiẹ̀ ń ka 365, torí náà ààwẹ̀ ń fi bí ọjọ́ 11 yá lọ́dọọdún. Ẹ rántí ọdún 2000, ìtúnu ààwẹ̀ méjì la ṣe, ọ̀kan ní Jánúárì, ọ̀kan ní Dìsẹ́ńbà, Màámi dín àkàrà lẹ́ẹ̀mejì tí gbogbo agboolé jẹ. "Ìyásíwájú" ni kó o kọ.

Akọ́mọlédè: "Yá síwájú", èdè ta nìyẹn? Èèyàn kì í yá síwájú, ó yá náà ni! Tẹ́lẹ̀ ṣebí wọ́n máa ń fi oṣù kan kún un kó má bàa sún, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ká sinmi.

Bàbá Ìtòkú: Àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan ló ń ṣe é. Ẹ lọ wo Suratu Taobah, ààyá 37, Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́.

Alhaja Kútọ̀: Ẹ ẹ̀ tíì sọ̀rọ̀ ìtúnu 2025 o. Àṣálẹ́ Sátidé Máàṣì 29, mo dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mo kọjú síwọ̀ oòrùn títí ọrùn fi ń ro mí, mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní oṣù ti lé, a kírun Sọ́ńdè, àbúrò mi tó wà ní Mòrókò ṣe tiẹ̀ ní Mọ́ńdè.

Bàbá Ìtòkú: Alhaja, ìyẹn gan-an ni kókó. Nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni òṣùpá bọ́ sáàárín àwa àti oòrùn, apá rẹ̀ tó ṣókùnkùn ló kọ sí wa, nígbà tí oòrùn máa wọ̀ kò tíì ju wákàtí méje lọ, ojú lásán ò lè rí i. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, aago méjì òru ku díẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, Fẹ́búárì 28, tó fi di ìrọ̀lẹ́ ó ti tó wákàtí 17, ó nira àmọ́ ó ṣeé rí tí kùrukùru ò bá bò ó. Tó bá bò ó, ẹ ka 30 pé. Ìṣirò lè sọ wákàtí yẹn, àmọ́ kò lè bá wa rí i.

Akọ́mọlédè: Ẹ̀rí tó wà nínú "lé" nìyẹn. Ohun tójú ò bá rí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní ó ti lé!

Alhaja Kútọ̀: Ṣé kí n san ọjọ́ kan padà ni?

Akọ́mọlédè: Ẹ bi ààfáà yín léèrè, èdè là ń sọ níbí.

Ọmọ Lafẹ́nwá: Bàbá, ẹ má bínú. Mo fi ìka tọ kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri: ọdún 2024, Máàṣì 11, 2025, Máàṣì 1, 2026, Fẹ́búárì 18. Ìka mi ń padà sẹ́yìn ni, àwọn ọmọ náà á fi tiwọn tọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò yọ "ẹ̀yìn" kúrò.