Ojú màmá mi ti wọlé sínú fọ́tò yẹn o

Ìbéèrè mi nìyí: "Màmá mi dijú nínú fọ́tò ìgbéyàwó, mo fi Photoshop gé ojú wọn látinú fọ́tò míì lẹ̀ mọ́ ọn, àmọ́ ó mọ́ jù, ó dà bíi sítíkà. Kí ni kí n ṣe?"

Ó ti yanjú o, ẹ ṣé gan-an. Ẹni tó ní kí n kàn fi Add Noise da èérún lé e, ẹ sún mọ́ ọn, àmọ́ mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú wọn ṣì mú ju ti gbogbo èèyàn lọ. Bọ̀dá tó ní kí n kọ́kọ́ fi Gaussian Blur rọ̀ ọ́ ló gbà mí: mo fẹ̀ ẹ́ dé 100%, mo ń fi irun ìpéǹpéjú wọn wé ti àǹtí tó dúró tì wọ́n, píksẹ́lì 0.8 ló bá a mu, lẹ́yìn náà ni mo wá da èérún sí i, torí tí èérún bá ṣáájú, Blur á nù ún kúrò ni. 3% ni mo lò, mi ò mú Monochromatic torí èérún fọ́tò wa láwọ̀. Mo tún wo Blue nìkan nínú Channels, ibẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tó ṣì mọ́ jù ti tú mi fó, mo bá fi èérún 1% kún un.

Ẹni tó ń bi mí ní fílítà tó ń mú ojú dán, ẹ jọ̀ọ́, òdìkejì rẹ̀ ni mò ń wá 😂

Tí mo bá fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ṣá, ojú ibi tí mo lẹ̀ létí gèlè ṣì ń hàn díẹ̀. Mo ti fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.