Ímeèlì tuntun ń rì sábẹ́ ti àtijọ́: kí ni kí n gé, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó ni mí. Àwa méje la wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ra àpò, ímeèlì la sì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dáhùn, `Reply all` ló ń tẹ̀, kódà kó jẹ́ "mo ti rí i" péré ló fẹ́ sọ. Gbogbo ohun tí a ti ń kọ bọ̀ ló ń wọ́ tẹ̀lé e nísàlẹ̀. Mo kọ̀wé pé àpò ò dé ní Ọjọ́bọ̀ mọ́, ó di Sátidé. Ọjọ́bọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni akápò wa rí, ó wọkọ̀ láti Ìdànrè wá sí Ọjà Ọba lásán. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀kan nínú wa tari ímeèlì náà sí ẹni tó fẹ́ ta àpò fún wa, kò mọ̀ pé alága ti kọ iye tí a lè san mọ sí ìsàlẹ̀. Iye yẹn gan-an ni oníṣòwò náà dúró lé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Òǹdó
Ẹ má da ara yín láàmú. Gmail ń fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, àmì tóótòòtó mẹ́ta nìkan lẹ máa rí. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ gé.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Alágbàka
Ọmọ Òǹdó, lójú tìrẹ ló pa á mọ́ o. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bá ímeèlì lọ. Ẹni tó bá ń lo ohun mìíràn lè rí gbogbo rẹ̀ gbalaja, ẹni tí wọ́n bá sì tari rẹ̀ sí á rí i pẹ̀lú. Bí iye owó yín ṣe jáde nìyẹn.

Akọ̀wé, bí ẹ bá ti tẹ `Reply`, ẹ tẹ tóótòòtó mẹ́ta tó wà lábẹ́ ibi tí ẹ ti ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ á ṣí sílẹ̀. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ẹ fi ìlà kan ṣoṣo tí ẹ ń dá lóhùn sílẹ̀, kí ìdáhùn yín wà lábẹ́ rẹ̀. Báyìí ló ṣe yẹ kí ti àpò yẹn rí:

```
> Ṣé Ọjọ́bọ̀ náà ni àpò ń bọ̀?

Rárá, ó ti di Sátidé, aago 9 àárọ̀, ní Ọjà Ọba.
Akápò nìkan ló nílò láti wá.
```

Ẹni tí kò rí ímeèlì kankan tẹ́lẹ̀ á ka èyí, á sì yé e. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lè dán ímeèlì wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ní ti oníṣòwò, ẹ má tari ohunkóhun sí i. Ẹ kọ tuntun. Ẹ kíyè sí fáìlì o: `Forward` máa ń gbé fáìlì dání, `Reply` kì í gbé e, bí ẹ bá sì kọ tuntun, ẹ̀yin lẹ máa tún un so mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Àró
Ẹ ṣeun o. Èmi náà, àdúrà tí wọ́n ń tari kiri lórí Wáásáàpù ti kún fóònù mi. Báwo ni mo ṣe lè dá a dúró?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Alágbàka
Ìyá wa, tiyín yàtọ̀ sí èyí. Ẹ pa ìró gúrúùpù yẹn, kí ẹ sì ní kí Wáásáàpù má máa gba àwòrán sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Àkúrẹ́
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. `Reply all` wá ńkọ́? Tí mo bá fẹ́ kéde ìpàdé fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ariwo "ó dáa" ni títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Alágbàka
Ẹ kọ àdírẹ́sì tiyín sí `To`, kí ẹ kó tàwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí `Bcc`. Ẹni tó bá tẹ `Reply all`, ọ̀dọ̀ yín nìkan ni èsì rẹ̀ máa dé. Má ṣe lò ó fún ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje ṣá, torí ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ohùn ara wọn. Ẹ wo ibi ìṣètò Gmail yín náà, `Default reply behavior`, bóyá `Reply all` ni ẹnì kan ti yàn síbẹ̀.

Tíṣà Àná, Òǹdó
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé gbogbo rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹnì kan sẹ́ ohun tó kọ, ìrù ímeèlì yẹn la fi mú un. Bí ẹni tuntun bá sì wọ ìgbìmọ̀, níbo ló ti fẹ́ ka ohun tó ti ṣẹlẹ̀?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Alágbàka
Òótọ́ ni, Tíṣà. Àmọ́ ímeèlì àkọ́kọ́ tí ẹni yẹn fi ránṣẹ́ ṣì wà nínú àpótí yín. Ìyẹn lágbára ju ìrù lọ, torí ẹnikẹ́ni lè yí ọ̀rọ̀ inú ìrù padà kó tó fi ránṣẹ́. Ẹni tuntun, ẹ kọ ìlà mẹ́ta fún un.

Tíṣà Àná, Òǹdó
Bí àpótí ọ̀hún bá ti kún, tí wọ́n sì ti pa á rẹ́ ńkọ́? Èmi ò tíì gbà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Àkúrẹ́
Alága wa náà á gbè sẹ́yìn Tíṣà, mo mọ̀ ọ́n. Màá gé tèmi ná, kí n máa tẹ èyí tó kan owó sórí ìwé pamọ́.