Fáàtì oṣù mẹ́ta mi di 6,000 pọ́n-ùn, ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì, Salford
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló mọ ọ̀rọ̀ fáàtì, VAT tí ìjọba UK ń gbà lórí ọjà, dáadáa nínú yín? N'Íbàdàn ni mo wà báyìí, nílé màmá mi ní Mọ́kọ́lá. Fáàtì oṣù mẹ́ta tó parí ní 31 March gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ keje oṣù karùn-ún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà nìyẹn. Ìṣọ̀ wa pa 30,000 pọ́n-ùn láàárín oṣù mẹ́ta ọ̀hún. Mo yọ ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó di 6,000. Mo sì ti fi owó ọwọ́ mi ra àdìrẹ, òrí àti ọṣẹ dúdú. Níbo ni kí n ti rí 6,000? Oorun ò kùn mí láti àná.

Bọ̀ọ̀dá Peckham
Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ló ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ fún fáàtì gan-an? Ẹni tí títà rẹ̀ ò tó 90,000 lọ́dún, wọn ò lè fipá mú un.

Àǹtí Leeds
Bọ̀ọ̀dá, 30,000 lóṣù mẹ́ta, ẹ ṣírò rẹ̀ dé ọdún kan. Ó ti lé ní 90,000. Ẹ má sì gbàgbé pé gàrí àti iṣu wà nínú ohun tí wọ́n ń kà sí 90,000 yẹn, bí ò tiẹ̀ sí fáàtì lórí wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìṣọ̀ wa ti ń ṣubú nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, 6,000 kọ́ ni gbèsè yín. Nínú 30,000 yẹn, èló ni oúnjẹ, èló ni nǹkan mìíràn?

Ìyá Ìbejì, Salford
Iṣu, gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, epo pupa, ẹja gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ 18,000. Mọ́ọ̀tì, ìpara àti irun, 12,000. Ohun tí ẹ̀rọ owó kọ sílẹ̀ nìyẹn.

Àǹtí Leeds
Ó dáa. Òdo ni fáàtì orí oúnjẹ wọ̀nyẹn, ẹ gbé 18,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ku 12,000. Ẹ má yọ ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ o! Iye tí ẹ lẹ̀ mọ́ igbá ìpara, fáàtì ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjà tí owó rẹ̀ jẹ́ 100, tí fáàtì 20 gùn ún lórí, 120 ni oníbàárà san. 20 nínú 120, ìdá kan nínú mẹ́fà ni. Nítorí náà, 12,000 pín sí mẹ́fà jẹ́ 2,000. Ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà fún ìjọba nìyẹn, Box 1 inú fọ́ọ̀mù fáàtì ló ń lọ.

Ẹ wáá kó ínfọ́ìsì ìrajà yín síta. Fáàtì tí ẹ̀yin náà san, ẹ óò yọ ọ́ kúrò.

Ìyá Ìbejì, Salford
Ọlọ́run a bù kún yín. Àwọn tó ń fún wa ní mọ́ọ̀tì àti ìpara kọ 6,000, wọ́n kọ fáàtì 1,200 sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa kọ ìwé owó gba 300 àti fáàtì 60. A ra pẹpẹ tuntun, 240 lápapọ̀.

Àǹtí Leeds
Fáàtì inú 240 jẹ́ 40. Tí ẹ bá ro 1,200, 60 àti 40 pọ̀, 1,300 ni. Box 4 nìyẹn. 2,000 dín 1,300, ó ku 700. Box 5. 700 ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe 6,000.

Bọ̀ọ̀dá Peckham
Ẹ dúró ná. Nígbà tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà yín ló jẹ́ òdo, kò yẹ kẹ́ ẹ gba gbogbo fáàtì orí pẹpẹ àti akọ̀wé owó padà. Ẹ gbọ́dọ̀ pín in, ìdá tó kan ìpara nìkan ni kẹ́ ẹ gbà. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn.

Àǹtí Leeds
Kí ni ọ̀rẹ́ yín ń tà?

Bọ̀ọ̀dá Peckham
Ó ń báni ṣe ìwé ìbánigbófò, ó sì ń ta fóònù pẹ̀lú.

Àǹtí Leeds
Ẹ rí i? Ìbánigbófò, ṣe ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú fáàtì pátápátá. Ẹni tó bá ń ta irú ìyẹn ló ní láti pín in. Gàrí ò sí níbẹ̀. Gàrí wà nínú fáàtì, òdo ni wọ́n kàn kọ sí i lára. Ìṣọ̀ tó ń ta gàrí nìkan, tí kò gba kọ́bọ̀ fáàtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lè gba fáàtì pẹpẹ rẹ̀ padà tán, ìjọba á sì san án sí àpò rẹ̀.

Alàgbà Houston
Níhìn-ín ní Houston, 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ fún ẹni tó ń tajà fún yín ní ìwé pé títà ni ẹ fẹ́ tún un tà, kò ní gba owó orí kankan lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ gba ìwé yẹn.

Àǹtí Leeds
Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, sà. Ní UK olúkúlùkù ló ń san án lórí ìrajà, tá á sì yọ ọ́ kúrò nígbà tó bá fẹ́ san tìjọba.

Ìyá Ìbejì, Salford
Ọkàn mi ti ń padà bọ̀. Ó ku nǹkan méjì. Ẹrù òrí àti ọṣẹ kan wọlé ní February. Ejẹ́ńtì tó kó o gba 500 lọ́wọ́ wa, ó ní fáàtì bodè ni, ó sì kọ ọ́ sínú ínfọ́ìsì rẹ̀. Ṣé mo lè fi kún Box 4? Bẹ́ẹ̀ bá ni, 200 péré ni mo jẹ. Èkejì: ilé iṣẹ́ tí mo ti ra ìpara òrí n'Íbàdàn níbí fi 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó mi. Ìyẹn ńkọ́?

Bọ̀ọ̀dá Peckham
Ẹ fi 500 sí i. Ínfọ́ìsì ejẹ́ńtì ni mo ń lò láti ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Bàbá Ewà, Birmingham
Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án! Ìyà yẹn jẹ mí gan-an. Ejẹ́ńtì tó ń bá mi kó ẹrù ń pa ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sínú kònténà kan, orúkọ ara rẹ̀ ló sì ń kọ fún bodè. Lóòótọ́ ni owó náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba o, àpò mi ló sì ti jáde. Nígbà tí àwọn HMRC, agbowó orí UK, wá yẹ ìwé mi wò, wọ́n ní kí n mú C79 wá, ìwé ẹ̀rí fáàtì bodè. C79 ń bẹ, orúkọ ejẹ́ńtì ló wà lórí ẹ̀. Gbogbo fáàtì ẹrù tí mo ti yọ ni mo dá padà, tòun tèlé.

Bọ̀ọ̀dá Peckham
Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sanwó, ẹ̀yin lẹ ni ọjà. Ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Bàbá Ewà, Birmingham
Ohun tí mo sọ fún wọn náà nìyẹn. Ìwé ni wọ́n fẹ́.

Àǹtí Leeds
Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá, wọ́n lè yẹ ìwé yín wò padà sí ọdún mẹ́rin, nítorí náà ẹ tètè bi ejẹ́ńtì tiyín léèrè lónìí.

Ìyá Ìbejì, ẹ ní kí ejẹ́ńtì fi ìwé tó kọ fún bodè ránṣẹ́. Ẹ wá nọ́ńbà EORI tó wà níbẹ̀, èyí tí bodè fi ń dá ẹni tó kó ẹrù wọlé mọ̀. Tiyín yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GB, nọ́ńbà fáàtì yín yóò tẹ̀ lé e, òdo mẹ́ta ní ìparí. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ẹlòmíràn ló wà láàárín, 500 yẹn ti lọ. Tó bá jẹ́ tiyín, C79 oṣù yẹn yóò wà nínú àkáǹtì bodè yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè yọ ọ́. Tẹ́ ò bá rí ìwé náà kí ọjọ́ keje tó pé, ẹ san 700, ẹ fi 500 dúró de oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Kò ní bàjẹ́.

7.5 ti Nàìjíríà, ẹ má gbé e dé ibi Box 4. Owó ìjọba Nàìjíríà ni, HMRC ò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ kà á mọ́ iye tí ọjà ná yín.

Ìyá Ìbejì, Salford
EORI, ọkọ mi ló bá wa gbà á nígbà kan. Mi ò mọ̀ bóyá orúkọ ara rẹ̀ ló fi gbà á ni tàbí ti ìṣọ̀. Ejẹ́ńtì ò tíì gbé fóònù.

Bàbá Ewà, Birmingham
Ti ẹrù tuntun tí ẹ̀ ń rà yìí, ẹ sọ fún un kó tó kó o wọkọ̀ pé nọ́ńbà yín ni kó lò, kó sì sún fáàtì bodè síwájú. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fáàtì ní etíkun. Lẹ́yìn náà ẹ óò wọ ibi tí wọ́n kọ "Get your postponed import VAT statement" sí, ẹ óò rí iye tó jẹ́. Tó bá jẹ́ 500, ẹ kọ 500 sí Box 1, ẹ kọ 500 sí Box 4. Ọ̀kan pa èkejì.

Bọ̀ọ̀dá Peckham
Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n kí ló mú yín ra àdìrẹ n'Íbàdàn? Abẹ́òkúta ni wọ́n ń ra àdìrẹ. Ọjà Ìtòkú!

Ìyá Ìbejì, Salford
Ọmọ Ẹ̀gbá ti dé! Ṣé ẹ ti rí Ìbàdàn Dùn rí? Òpó Mápó ló wà lára aṣọ yẹn. Ẹ̀yin, òpó wo lẹ ní?

Bọ̀ọ̀dá Peckham
Olúmọ ò nílò òpó.

Alàgbà Houston
Ha ha! Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ti jẹ àmàlà? Mo ti kúrò n'Íbàdàn pẹ́, mi ò tíì rí gbẹ̀gìrì tó dà bíi ti Bódìjà. Òórùn ẹ̀lúbọ́ inú ọjà yẹn ń ṣe mí.

Àǹtí Leeds
Alàgbà, ẹ wá sí Leeds, ẹ óò jẹ gbẹ̀gìrì gidi.

Bàbá Ewà, Birmingham
Leeds kẹ̀? Birmingham ni ẹ wá, sà. Ẹ bi ẹni tó bá ti jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó mi.

Ìyá Ìbejì, Salford
Àná ni mo jẹ ẹ́, pẹ̀lú ewédú àti ẹran ògúnfe. Òjò ń rọ̀, màmá mi ń bá àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò wù mí kí n padà.

Àǹtí Leeds
Ẹ kí Màmá fún wa. Ẹ tún rántí o, ẹ lè ti ibẹ̀ yẹn fi fáàtì náà ránṣẹ́ láti orí áàpù tí ẹ fi ń kọ ìwé owó. Tẹ́ ẹ bá ti ní Direct Debit, wọ́n á yọ 700 fúnra wọn ní nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ keje. Tẹ́ ò bá ní i, ẹ ṣètò rẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Salford
Ọ̀rọ̀ ìwọlé sínú áàpù ọ̀hún wà lórí fóònù ọkọ mi ní Salford. Ẹ jẹ́ n pè é.

Alàgbà Houston
Ẹ bá mi mú ẹ̀lúbọ́ díẹ̀ bọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Peckham
Ó ń lọ sí Salford, Alàgbà, kò kan Houston. Èmi ni kó mú un wá fún. Mọ́ọ̀tì tí a pò mọ́ mílíìkì ńkọ́, Àǹtí, òdo ni àbí ogún?