Ẹ bá mi wo lẹ́tà ìdínkù ìnáwó yìí kó tó dọ́wọ́ òṣìṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ṣágámù ni mo ti ń ṣe akáǹtì, èmi ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà náà. A dá ìgbéga, ríra ọkọ̀ àti gbígba òṣìṣẹ́ tuntun dúró títí di òpin ọdún. A ò ní fọwọ́ kan owó oṣù, oògùn àti epo jẹnẹrétọ̀. Ti owó ìfẹ̀yìntì kò tiẹ̀ sí lọ́wọ́ wa: òfin 2014 ní kó kúrò lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tá a bá ti san owó oṣù.

Ibi tó ń dà mí láàmú nìyí. Nọ́ọ̀sì alẹ́ kan ka èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kejì mi ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé èmi nìkan ni màá máa dá wọ́ọ̀dù ṣe?" Òótọ́ ló sọ. Mo wá fi kún un pé: "Bí nọ́ọ̀sì bá lọ, a ó fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ bí ọ̀gá àgbà bá fọwọ́ sí i." Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí tí kò ní gbèdéke lè pẹ́ títí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ irú ẹ̀ rí, ọjọ́ mélòó lẹ fi sí i? Ẹni tó ti gba lẹ́tà ìgbéga ńkọ́, tówó rẹ̀ ò tíì yí padà?