Ṣé bátìrì ni mo máa dá lẹ́bi ni, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ àbọ̀ òtítọ́ nípa fóònù kan tí mo ti lò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ibi bátìrì ló há sí. 5000 mAh ni wọ́n kọ sára páálí. Láàárín ìgboro Àkúrẹ́, ilẹ̀ máa ń ṣú kó tó kú. Lọ́nà Ìdànrè, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dúró, ó ti ń bẹ̀bẹ̀ ṣájà ní ọ̀sán. Tí mástì bá jìnnà, fóònù á máa sa gbogbo agbára kó lè dé ibẹ̀, bátìrì ló sì ń sanwó rẹ̀. Mo tan `Airplane mode` sùn: láti 100% ló já sí 98% láàárọ̀, nítorí náà bátìrì ò jò.

Ṣé kí n kọ àbájáde ibi méjèèjì ni, àbí kí n fi síìmù kan náà sínú fóònù míì, kí n fi wọ́n wéra?

Kámẹ́rà ò ṣòro: ọ̀sán dáa, ṣùgbọ́n lálẹ́, ẹni tó bá mira á di bàìbàì. Ti owó ńkọ́? Iye ọjà wo ni kí n fi díwọ̀n rẹ̀, tuntun àbí tòkunbọ̀?