“Alátẹ̀gùn” ni àbí “àsanròkè”? Orúkọ ẹ̀yáwó kan àti iye tí wọ́n máa san lápapọ̀

Ògbufọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé àlàyé kan lórí ẹ̀yáwó ilé ní Ámẹ́ríkà, irú èyí tí owó oṣooṣù máa ń fi ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè fún ọdún márùn-ún kó tó dúró sójú kan. “Ẹ̀yáwó elélé gòkè” ni mo pè é. Ṣé ó tọ́? Báwo ni mo sì ṣe máa rí iye tí wọ́n máa san lápapọ̀? Dọ́là 50,000 ni wọ́n yá, èlé ìdá 10 lọ́dún, ọgbọ̀n ọdún. Oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ dọ́là 333.52.

Akọ̀wé Báńkì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ “elélé gòkè” kúrò. Èlé ò gòkè níbẹ̀ rárá. Ìdá 10 tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i náà ló máa wà títí ọgbọ̀n ọdún fi máa pé. Owó tó ń jáde lápò ẹni tó yá a ló ń gòkè. Irú èyí tí èlé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yí padà bí ọjà bá ṣe rí, ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá fi orúkọ yẹn pè é, ẹni tó bá ka ìwé yín máa rò pé báńkì lè jí lọ́jọ́ kan kó bu èlé tó wù ú lé e. Nínú èyí tí ẹ ń túmọ̀, gbogbo iye oṣooṣù ti wà lákọsílẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ó jọ Ètò Kẹta nínú márùn-ún tí FHA, àjọ ìjọba Ámẹ́ríkà tó ń ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó ilé, gbé kalẹ̀ lábẹ́ Ẹ̀ka 245 nínú òfin ilé gbígbé wọn. Ètò mẹ́ta àkọ́kọ́ ń gòkè fún ọdún márùn-ún, pẹ̀lú ìdá 2.5, 5 àti 7.5. Méjì tó kù ń gòkè fún ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú ìdá 2 àti 3. Torí náà, sísan ni kí ọ̀rọ̀ yín dá lé. Èmi á pè é ní “ẹ̀yáwó àsanròkè”.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀gbọ́n, àsanròkè dùn lẹ́nu, àmọ́ ó dà bí ẹni tó ń gun òkè tí kò ní ibi ìsinmi. Owó yìí kì í gòkè lóṣooṣù. Oṣù 12 ló máa fi dúró sójú kan, kó tó fo lẹ́ẹ̀kan, kó tún dúró. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gan-an nìyẹn. “Ẹ̀yáwó alátẹ̀gùn” ni kí ẹ kọ.

Akọ̀wé Báńkì:
Àfiwé yẹn dáa ju tèmi lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí wọn ò bá fi àmì sí i, kí ló máa yà á sọ́tọ̀ sí atẹ́gùn tó ń fẹ́? Ẹ̀yáwó tí atẹ́gùn gbé wá! Ẹlòmíràn á ní bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Bó bá jẹ́ ti àìfàmìsọ́rọ̀ ni, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa ṣẹ́ kù fún wa. Ẹ kọ “alákàsọ̀” nígbà náà.

Ará Àtìláńtà:
Ẹ dákun, tèmi kì í gòkè lọ́dọọdún o. Gbèsè ilé-ìwé tí mo yá lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ níbí, ọdún méjì méjì ló ń gòkè, ọdún mẹ́wàá ló sì máa fi parí. Wọn ò sọ ìdá kankan fún mi. Ohun tí wọ́n kàn sọ ni pé iye oṣooṣù kankan ò ní ju ìlọ́po mẹ́ta òmíràn lọ. Ṣé ìṣirò yín yìí bá tèmi mu?

Akọ̀wé Báńkì:
Ẹbí kan náà ni, àmọ́ ìṣirò yìí ò kan tiyín. Ẹ gba ìwé tó to iye oṣooṣù yín ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, kí ẹ sọ iye kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 24, kí ẹ sì rò wọ́n pọ̀. Ẹ má fi ìdá tí wọn ò kọ síbẹ̀ ṣírò.

Oníṣòwò Dùgbẹ̀:
Ẹ̀yin èèyàn yìí ń fi ìṣirò tí kò le dààmú ara yín. Iye àkọ́kọ́ 333.52, ẹ wá iye ìkẹyìn, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 360. Ó parí.

Olùkọ́ Ìṣirò:
Oníṣòwò, ọ̀nà yín máa bá a mu ká ní iye kan náà ni wọ́n ń bù lé e lọ́dọọdún láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ọgbọ̀n ọdún. Àkàsọ̀ yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi ń gùn, ọdún 25 ló fi dúró sókè. Iye ìkẹyìn jẹ́ 478.81, nítorí náà ìṣirò yín máa fún wa ní 146,219.40. Iye tó tọ́ lé dọ́là 20,000 ju ìyẹn lọ. Ẹ wò ó:

Ọdún kìn-ín-ní: 333.52
Ọdún kejì: 358.53
Ọdún kẹta: 385.42
Ọdún kẹrin: 414.33
Ọdún karùn-ún: 445.40
Ọdún kẹfà títí dé ọgbọ̀n: 478.81

Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ 1,937.20 bí a bá rò wọ́n pọ̀. Ìlọ́po 12 rẹ̀ jẹ́ 23,246.40. Èyí tó dúró sókè jẹ́ ìlọ́po 300 ti 478.81, ìyẹn 143,643.00. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ dọ́là 166,889.40.

Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe é lẹ́ẹ̀kan lè tẹ èyí fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́:

```
=12*333.52*((1.075^5-1)/0.075)
```

Ó máa gbé 23,246.57 jáde, ìyẹn sẹ́ǹtì 17 lé lórí tèmi. Kì í ṣe àṣìṣe. Báńkì ń yí iye ọdọọdún sí sẹ́ǹtì tó sún mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Iye tó wà nínú ìwé àdéhùn ni kí ẹ máa rò pọ̀, torí òun ni wọ́n máa san.

Ògbufọ̀, ibi méjì ni ìtumọ̀ yín ti lè ba ìṣirò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni “fi ìdá 7.5 gòkè”. Ìdá 7.5 ti kí ni? Ti iye ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹnìkan á mú ìdá 7.5 ti 333.52, á rí 25.01, á sì máa bu iye yẹn lé e lọ́dọọdún. Ọdún kẹfà rẹ̀ máa wá jẹ́ 458.57, yóò sì fi dọ́là 20 àti díẹ̀ kéré lóṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù 300.

Ìkejì ni “fún ọdún márùn-ún”. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ń gòkè, ìgòkè karùn-ún sì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹfà. Ẹni tó bá rò pé ọdún karùn-ún ló dúró máa fi 445.40 kún ọdún 25 yòókù, á sì fi dọ́là 10,023 dín iye náà kù. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “yóò gòkè lẹ́ẹ̀márùn-ún, ìgòkè ìkẹyìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹfà.”

Oníṣòwò Dùgbẹ̀:
Mo ti rí i, Olùkọ́. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ń san owó kékeré, ṣebí ó yẹ kó jèrè ni?

Akọ̀wé Báńkì:
Rárá o. Ẹni tó bá yá iye kan náà, tó sì ń san iye kan náà lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, 438.79 ló máa san. Ìlọ́po 360 rẹ̀ jẹ́ 157,964.40. Alákàsọ̀ fi dọ́là 8,925 ju ìyẹn lọ. Ẹ wo oṣù àkọ́kọ́, ẹ máa rí ohun tó fà á. Èlé oṣù yẹn lórí 50,000 jẹ́ 416.67, owó tó wọlé jẹ́ 333.52. Ó ku 83.15 tí ẹnikẹ́ni ò san. Báńkì ò dárí rẹ̀ jì, ó bù ú mọ́ ojú owó. Nígbà tó di oṣù kejì, 50,083.15 ni wọ́n ń ka èlé lé lórí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè náà á ṣe máa wú títí ọdún kẹrin fi máa parí, nígbà tó máa tó nǹkan bí dọ́là 52,763. Ọdún karùn-ún ni owó oṣooṣù tó borí èlé, èyí tó jẹ́ bíi 440, ibẹ̀ ni gbèsè sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí FHA fi ní kí ẹni tó bá wọ ètò yìí kó owó tó pọ̀ sí i sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ kó tó yá ìyókù. Bó bá ta ilé náà ní ọdún kẹrin, gbèsè tó máa bá nílẹ̀ ju èyí tó yá lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ọ̀rọ̀ wo la wá ní fún ìyẹn? Láyé ìwọ̀fà, iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni èlé, ojú owó á sì dúró bó ṣe wà títí wọ́n fi máa rí i san. Èyí tí ojú owó fúnra rẹ̀ ń wú yìí, mo fẹ́ pè é ní “gbèsè abímọ”.

Oníṣòwò Dùgbẹ̀:
Sogúndogójì ni, kí la tún ń wá kiri?

Akọ̀wé Báńkì:
Sogúndogójì burú jù fún un. Orúkọ ẹni tó ń rẹ́ni jẹ nìyẹn, kì í ṣe orúkọ ìṣirò. “Èlé di ojú owó” ni èmi á kọ, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá kà á ò ní béèrè ìtumọ̀.

Ògbufọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti mú “èlé di ojú owó”. Nígbà tí mo bá kọ “àpapọ̀”, ṣé 166,889.40 ni kí n kọ ni, àbí kí n yọ ojú owó kúrò?

Olùkọ́ Ìṣirò:
Ẹ kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. “Àpapọ̀ owó sísan” jẹ́ 166,889.40. Bí ẹ bá yọ 50,000 kúrò, “àpapọ̀ èlé” tó kù jẹ́ 116,889.40. “Àpapọ̀ gbèsè” ni kí ẹ má kọ rárá. Ẹnìkan á rò pé iye tó kù nílẹ̀ lónìí ni, ẹlòmíràn á rò pé iye tí wọ́n máa san tán ni. Ẹ tún sọ pé owó tí wọ́n kọ́kọ́ kó sílẹ̀ ò sí nínú méjèèjì.

Ògbufọ̀:
Ó kù kan. Ọdún 25 tí owó fi dúró sókè yẹn, kí ni mo máa pè é?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Bí ẹ bá gun àkàsọ̀ tán, orí pèpéle lẹ máa balẹ̀ sí. “Ìgbà pèpéle.”

Oníṣòwò Dùgbẹ̀:
Pèpéle tiwa níbí, ẹnu ọ̀nà ló wà, orí rẹ̀ la ti ń nájà. Kí èèyàn tó gun nǹkan kan ló ti máa tẹ̀ ẹ́.

Akọ̀wé Báńkì:
“Ìgbà ìdúrósójúkan” ni kí ẹ kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Kò dùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa jókòó nájà lórí rẹ̀. Lórí alákàsọ̀ àti àsanròkè, mi ò tíì gbà o.