Báàgì mi ni wọ́n ń tà ní Leeds, orúkọ mi ni wọ́n sì fi ń pè é

Ìyá Tòbí (Manchester), Oṣù Kẹwàá 2025
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó mọ̀ mí mọ báàgì aládìrẹ tí mò ń tà, èyí tí ìdérí rẹ̀ yọ síwájú bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn. Ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 2024 ni mo kọ́kọ́ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram. Nígbà tó di oṣù Kìíní, mo san £50, mo forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Companies House. Àfi bí àbúrò mi ṣe rí obìnrin kan lọ́jà ní Leeds ní Sátidé tó kọjá: báàgì kan náà, ẹnu kan náà, ó kọ "Pepeye" sára páálí tó so mọ́ ọn. Mo pè é, ó ní ṣé èmi ni mo dá pẹ́pẹ́yẹ ni. Mo ti forúkọ sílẹ̀, ṣé kì í ṣe tèmi ni? Mo fẹ́ kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń bá a tà á.

Bàbá Kẹ́mi (Luton)
Ta ló ń ta pẹ́pẹ́yẹ ní Manchester? Méjì ni mo fẹ́, kí wọ́n ti tó bí i ṣe yẹ fún ọdún Kérésì. Ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́.

Sùlè (London)
Bàbá, báàgì ni o!
Ìyá Tòbí, ẹ má fòyà, tiyín ni. Ẹ fi R inú òbìrí yẹn sára báàgì, ẹ̀rù á bà wọ́n. Kí ẹ tún ya àwòrán báàgì náà, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín kí ọjọ́ lè wà lórí sítáǹpù, ẹ má sì tú u. Ohun tí àwọn olórin máa ń ṣe nìyẹn.

Bọ̀dá Dèjì (Cardiff)
Sùlè, rọra. Ẹni tó bá fi R yẹn sára ọjà tí kò tíì forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ ti rúfin nílùú yìí. TM ni wọ́n lè fi, ẹnikẹ́ni ló lè fi í, ṣùgbọ́n kò lágbára kankan fúnra rẹ̀. Àpòòwé yẹn ńkọ́? Kò ju pé ó fi hàn pé àwòrán wà lọ́jọ́ báyìí. Kò sọ pé ìwọ lo yà á.

Ìyá Tòbí, iṣẹ́ Companies House ni pé kí kọ́ńpìnnì méjì má jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìwé wọn, ó parí. Obìnrin Leeds yẹn lè máa tajà lórúkọ ara rẹ̀, kó má dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé. Ọ̀dọ̀ IPO, ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní Newport, ni wọ́n ti ń gba tirẹdimáàkì, ìyẹn ẹ̀tọ́ orí orúkọ ọjà. £170 ni fún kíláàsì ọjà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2025 yìí, £50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi kún un. Báàgì wà ní kíláàsì 18. Bẹ́ ẹ bá ń ta gèlè àti bùbá, 25 nìyẹn. Ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀, torí tí fọ́ọ̀mù bá ti wọlé, ẹ ò lè fi ọjà mìíràn kún un mọ́. Ẹ máa tún fọ́ọ̀mù tuntun kọ, ẹ máa tún san owó.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wá "Pepeye" àti ohun tó bá dún jọ ọ́ nínú ìwé àwọn IPO, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kì í torí pé ẹlòmíràn ní ohun tó jọ ọ́ kọ̀ fún èèyàn. Wọ́n á kàn sọ fún onítọ̀hún ni, òun ni yóò jà. Oṣù méjì ni wọ́n fi ń gbé e síta fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Ẹ tún wò ó bóyá obìnrin Leeds ti fi tirẹ̀ sílẹ̀, torí ẹ̀yin náà lè takò ó nínú oṣù méjì yẹn.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù, ẹ fà á sẹ́yìn ná. Òfin wà níbí fún ẹni tó ń fi ẹjọ́ tirẹdimáàkì tàbí dìsáìnì halẹ̀ mọ́ ọlọ́jà láìnídìí: ẹni tí wọ́n halẹ̀ mọ́ lè pe ẹni tó halẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́ lẹ fẹ́ kọ lẹ́tà!

Ìyá Ìbejì (Birmingham)
Orúkọ rẹ dáa, Ìyá Tòbí, torí pẹ́pẹ́yẹ ò kan báàgì. Èmi fi "Àkàrà Gbígbóná" sílẹ̀ fún àkàrà tí mò ń tà, wọ́n ní mo kàn pe ọjà náà lórúkọ ni. Mo ní òyìnbó ò mọ àkàrà, wọ́n ní àwọn tó ń rà á mọ̀ ọ́n. Owó lọ, ẹ̀bi mi sì ni. Mo kìlọ̀ o: tí wọ́n bá ti gbé orúkọ rẹ síta, ìwé á máa dé, tó ní òǹtẹ̀, tó ní kó o san ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan. Ayédèrú ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ san.

Bọ̀dá Dèjì (Cardiff)
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kán mi lójú níbí ni báàgì fúnra rẹ̀, torí orúkọ lè dúró díẹ̀, àwòṣe ò lè dúró. Dìsáìnì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun kí wọ́n tó gbà á, àmọ́ òfin fún ẹni tó dá a ní oṣù méjìlá láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e síta. Fọ́tò Instagram yẹn ni aago tiyín. Tí ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá bá kọjá, fọ́tò yín gan-an ló máa tako yín. £50 ni fún dìsáìnì kan lọ́dún 2025 yìí. Wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jẹ́ tuntun, nítorí náà ìwé tí wọ́n bá fún yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ máa borí ní kóòtù.

Àwòrán tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ yín. Ẹ rántí Trunki, àpótí ìrìn-àjò tí ọmọdé ń gùn? Ó gbé ẹni tó ń ta Kiddee Case lọ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù, ó sì pàdánù ní 2016. Ọ̀kan nínú ohun tó pa á lára ni pé àwòrán tó fi sílẹ̀ ní òjìji dúdú àti funfun tó fi ìyàtọ̀ sáàárín ara àpótí àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹ fi gègé ya ìlà lásán, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, òkè, kí ìdérí hàn. Ẹ má gbé adìrẹ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò aládìrẹ lẹ fi sílẹ̀, ẹni tó bá rán tirẹ̀ ní aṣọ òfì lè sọ pé tòun yàtọ̀.

Sùlè (London)
Bọ̀dá, adìrẹ náà ńkọ́? Òun ló fi dára.

Bọ̀dá Dèjì (Cardiff)
Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti ń ya Ìbàdàndùn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gba físà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Ìyá Tòbí fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán tuntun sára aṣọ, kọ́píráìtì bá a láìsan owó.

Ìyá Tòbí (Manchester)
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè kan: ṣé "Pẹ́pẹ́yẹ" pẹ̀lú àmì ni kí n kọ, àbí PEPEYE?

Bọ̀dá Dèjì (Cardiff)
Èmi á kọ PEPEYE, torí bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà ń tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì (Birmingham)
Èmi ò gbà. Tá a bá yọ àmì kúrò, Yorùbá mélòó ló máa mọ̀ ọ́n kà? Kó san méjèèjì.

Bọ̀dá Dèjì (Cardiff)
Tó bá lówó rẹ̀, kó san. Ìyá Tòbí, kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan: ta ló kọ́kọ́ gé pátánnà báàgì yẹn?

Ìyá Tòbí (Manchester)
Tẹ́lọ̀ kan ní Abẹ́òkúta. Mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù pé kó yọ síwájú, òun ló wá ronú ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Mo sanwó fún un. Kí ló dé?

Bọ̀dá Dèjì (Cardiff)
Ó dé pé ẹni tó dá àwòṣe ló ni í níbí, kì í ṣe ẹni tó san owó iṣẹ́, àfi tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín tó ń gbowó oṣù tàbí tí ìwé wà láàárín yín. Ẹ pè é lónìí. Kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbé e lé yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ fún un ní nǹkan.

Ìyá Tòbí (Manchester)
Òun náà ló rán ọgbọ̀n báàgì fún obìnrin Leeds yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni.